Owó Fírídọ̀ọ̀mù

Nígbà tí Mùjídàt Láwàlì kọ́kọ́ ka gbólóhùn náà, ó rò pé ojú òun ló ṣì í kà. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tún un kà. Gẹ̀ẹ́sì tó jọ̀lọ̀ ni ọ̀gá fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì táwọn olówó òkè òkun fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju báyìí lọ: àwọn ọmọbìnrin tí a kọ́ níṣẹ́ kò ní ìtara, wọn kò fẹ́ràn iṣẹ́ tó ń mú òógùn wá, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Inú bí i débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Àwọn ọmọ tó ń jí ní aago márùn-ún láti Owódé, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ méjì kí wọ́n tó dé ìdí aró, tí kọ́sítíìkì inú aró jó wọn lọ́wọ́ tí wọn ò sá, àwọn ni ọ̀lẹ. Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ amúlétutù ló wà lórí rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn látìbẹ̀rẹ̀. Òkè-Ìléwó ni ọ́fíìsì Àjọ Ọwọ́lérè wà, yàrá mẹ́ta péré, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò rówó kàwé lọ síwájú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn olówó ìrànwọ́ kan láti òkè òkun fún wọn lówó láti kọ́ ọmọ mẹ́rìndínlógójì ní àdìrẹ. Ìlérí méjì ni wọ́n ṣe nínú pròpósà tí wọ́n fi gba owó yẹn. Èkíní ni pé ọmọ mẹ́rìndínlógójì á kọ́ṣẹ́ yanjú láàárín oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ṣẹ. Èkejì ni pé kí oṣù mẹ́fà mìíràn tó pé, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn á ti máa fi iṣẹ́ náà jẹun. Márùn-ún péré ló ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn márùn-ún tí ìyá wọn ti ń paró tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ pròpósà mọ̀ pé kíkọ́ ọmọ níṣẹ́ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà yí padà láyé ọmọ ni olówó fẹ́ gbọ́. Nísinsìnyí wọ́n ní kí Ọwọ́lérè tún wá béèrè, ogún mílíọ̀nù náírà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí kejì. Ọjọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí Mùjídàt ń ka ìsọkúsọ yìí ní ojú ewé keje ìwé ìbéèrè tuntun náà.

Òun ni olùdarí ètò náà. Iṣẹ́ náà ló fi ń san owó ilé, ìlà owó oṣù tirẹ̀ sì wà nínú ìwé ìnáwó tuntun. Ó dìde, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Herbert Ṣówándé, olórí àjọ, ti ṣiṣẹ́ báǹkì fún ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ìkà. Ó kàn mọ ohun tó ń dùn létí olówó ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí aró lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kọ ojú ewé keje?"

"Èmi ni. Ó bọ́ sí i, àbí?"

"Kò bọ́ sí i, sà. Irọ́ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Herbert bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mùjídàt, jókòó."

"Mo fẹ́ dúró, sà."

"Ó dáa, dúró. Wọ́n bi wá pé kí ló dé. Tí a bá ní ètò tiwa ló ní àléébù, ṣé wọ́n á tún gbé owó fún wa? Àmọ́ tí a bá ní ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, a ó fi ẹ̀kọ́ nípa ìwà kún ti tuntun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wo ìsàlẹ̀, mo tiẹ̀ fi àpẹẹrẹ kan sí i."

Mùjídàt ti rí àpẹẹrẹ náà. Títílọlá ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ará Owódé. Ọ̀gá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí tán, ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó lọ ń ta omi inú ọ̀rá ní gáréèjì. Títílọlá! Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ, àwọn àgbà aláró á fi iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sílẹ̀, wọn á wá wò ó.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, sà. Àwọn ọmọ yìí ò ṣẹ̀."

"Ta ló wá ṣẹ̀?"

Mùjídàt gbójú kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀gá tún wọ awò rẹ̀.

"Ṣó o rí i? Lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Alhaja. Láìsí lẹ́tà àwọn aláró pé wọ́n á bá wa kọ́ àwọn ọmọ, wọn ò tiẹ̀ ní ka ìwé wa. Mo fẹ́ kó wà lórí tábìlì mi lọ́la kí n tó lọ jẹun."

Gbogbo ojú ọ̀nà ni Mùjídàt fi ń bínú. Ó bínú sí ọlọ́kadà tó gbé e, ó bínú sí ṣéńjì tí ìyẹn fún un. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Herbert ò ní ojútì. Ó sọ ọ́ títí ó fi dé ọjà aládìrẹ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ta ló wá ṣẹ̀?

Alhaja Ummulkulthum ni olórí àwọn aláró tó kọ́ àwọn ọmọ náà. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, aró ti wọ èékánná rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń tú ìko kúrò lára aṣọ tó ti gbẹ.

"Asalaamu alaykum, mà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira oòrùn."

"Wa alaykumu salaam. Mùjí, ẹ ti tún dé."

Mùjídàt kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé lẹ́tà. Alhaja ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó jẹ́ kó sọ tán.

"Ẹ tún fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ wá," ni ó wí. "Àwọn ti àkọ́kọ́ dà?"

"Alhaja, ẹ má bínú…"

"Mo ń bínú! Ta ló ní kí n má bínú? Títílọlá wá síbí, ó mú ìwé tí ẹ fi ọ̀rá bò fún un, ó ní òun fẹ́ gba àyè. Mo bi í pé ta ló ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Ó ní Ọwọ́lérè. Mo ní níwájú ta ni? Ọmọ náà wolẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ, èmi tí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti dáa ju tèmi lọ, èmi náà ni mo ní kó máa lọ sílé. Ṣé kí n fi ọmọ kan ba òfin ọgọ́rùn-ún èèyàn jẹ́ ni?"

Kò sí ohun tí Mùjídàt kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí aró ni wọ́n bí i sí. Ó mọ̀ pé ọmọ tó kọ́ṣẹ́ parí kò tíì di oníṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un wá síwájú ẹgbẹ́, kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí wọ́n fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó tó lè sá aṣọ tirẹ̀ sóòrùn nínú ọjà, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè pé ta ló rán an níṣẹ́. Fírídọ̀ọ̀mù nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí tí kò bá ní i lẹ́yìn, abẹ̀bẹ̀ ni.

"Èmi ni mo fẹnu ara mi ṣírò owó rẹ̀ fún ọ lọ́dún méjì sẹ́yìn," ni Alhaja ń bá a lọ. "Ìwọ lo jókòó síbi tí o wà yìí, ò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ parí, a retí yín títí, ẹ ò wá. Wọ́n ní kò sí owó rẹ̀ nínú ìwé. Ta ló yọ ọ́?"

Odindi ọdún kan àti oṣù méjì ni gbogbo ọjà ti gbà pé Herbert ni. Mùjídàt kò fìgbà kan sọ pé òun ni. Kò kàn sọ pé òun kọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó rọrùn, kò ju kó ní ọ̀gá mi ni lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ojú ewé keje ṣì ń jó o nínú, ó sì rí i pé ohun tí Herbert fẹ́ fi Títílọlá ṣe ni òun ti ń fi Herbert ṣe.

"Èmi ni, mà."

Ọwọ́ Alhaja dúró lórí ìko.

"Wọ́n ní àwọn kì í náwó sórí àríyá," ni Mùjídàt wí. "Èmi sì ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìlà kan ṣoṣo: ìrẹsì, àga, àtíbàbà, irinṣẹ́, owó ìwé ẹgbẹ́. Mo pe gbogbo rẹ̀ ní ayẹyẹ fírídọ̀ọ̀mù. Nígbà tí mo tún un kà, ojú tì mí. Mo ní òyìnbó á fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní a fẹ́ fi owó wọn ṣe fàájì. Ni mo bá yọ gbogbo rẹ̀. Mi ò bi yín, mi ò bi ọ̀gá mi. Ó ti wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ."

"Ọmọ aláró ni ọ́!" Alhaja ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì yíjú. "Tó bá jẹ́ òyìnbó ló yọ ọ́, n bá ní kò mọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ, n bá ní ọmọ báǹkì ni, kí ló mọ̀? Ìwọ! Ìdí ìkòkò aró lo ti rá! O mọ̀ pé a ò ní gbà wọ́n, o sì jẹ́ kí wọ́n fi oṣù mẹ́fà bó ọwọ́!"

Omijé ń bọ̀ lójú Mùjídàt, ó sì bínú sí omijé náà pàápàá, nítorí kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

"Lọ kọ ọ́ sínú ìwé yín," ni Alhaja wí nígbà tí ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. "Kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ò ya ọ̀lẹ. Kọ ẹni tó ṣe é. Kó o sì wá owó tí a ó fi tú àwọn ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí o tó mú ẹlòmíràn wá. Tí o bá kọ ọ́, mú un wá kí Abdulbaqi ọmọ mi kà á sí mi létí, n ó fọwọ́ sí lẹ́tà. Tí o ò bá kọ ọ́, ẹ wá aláró mìíràn lọ."

Mùjídàt padà sí ọ́fíìsì, ó bá Isaiah, akọ̀wé ìnáwó wọn, nídìí iṣẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìmi orí, ó wá fa ìwé ìlànà àwọn olówó yọ.

"Wọ́n ní àwọn ò ra oúnjẹ, àwọn ò sì ná owó sórí àríyá," ni ó wí. "Wọn ò ní àwọn ò ra irinṣẹ́. Wọn ò ní àwọn ò san owó ìforúkọsílẹ̀. Ó yẹ kí o ti tú u palẹ̀ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Àbí kí o bi mí."

"Isaiah, mo ní mo mọ̀!"

Wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n yọ ìrẹsì, àga àti àtíbàbà kúrò pátápátá, ẹgbẹ́ fúnra wọn á gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ya irinṣẹ́ sí ìlà kan: dúrọ́ọ̀mù méjì, sítóòfù, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ funfun tí ọmọ á kọ́kọ́ pa láró. Wọ́n ya ìforúkọsílẹ̀ sí ìlà mìíràn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni gbogbo rẹ̀ já sí fún ọmọ kan, wọ́n sì kọ iye owó ọjà kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Ogún mílíọ̀nù ò ṣeé kọjá, nítorí náà wọ́n dín ọmọ tuntun kù láti ogójì sí ogún, kí àyè lè wà fún àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n àtijọ́. Wọ́n sì yọ ìpàdé ìgbéléwọ̀n ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ọ̀gá fẹ́ ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nínú àlàyé ìnáwó, Mùjídàt kọ ọ́ pé láìsí ìlà méjì yìí, ọmọ tó mọ iṣẹ́ kò lè ta iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí márùn-ún níbi tí wọ́n ti ṣèlérí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó wá ṣí ojú ewé keje, ó pa gbólóhùn ọ̀gá rẹ́ àti àpẹẹrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó kọ tirẹ̀: "Olùdarí ètò, Mùjídàt Láwàlì, ló yọ owó yìí nínú ìwé ìnáwó àkọ́kọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn aláró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n ṣe."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun, Abdulbaqi ka ojú ewé náà sétí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja fọwọ́ sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un: bí ẹnikẹ́ni bá yí ojú ewé keje padà, kí wọ́n má ka lẹ́tà òun sí.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Herbert ka ìwé náà tán, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Mùjídàt rò pé ti ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì lá kọ́kọ́ dùn ún.

"Ọdún kan àti oṣù méjì," ni ó wí. "Mo jókòó síwájú àwọn obìnrin yẹn, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jí ọmọ wọn gbé. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìwọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ò ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọn fún mi!"

"Ẹ má bínú, sà."

"Má sọ ìyẹn fún mi!" Ó lu tábìlì. Ó tún ka lẹ́tà Alhaja, ó rí ìlà tó kẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé òun ò lè pa nǹkan kan rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tẹ́. "Ẹ ti dì mí lókùn. Ó dáa. Ìwé yìí á lọ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ò lè wà nípò olùdarí. Kò sí olówó tó máa gbé ogún mílíọ̀nù lé ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ ní òun ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Isaiah ni kí o kọ síbẹ̀."

Mùjídàt fẹ́ sọ pé ta ló rin Owódé àti Alábàtà kiri láti kó àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ, ta ló mọ orúkọ ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fẹ́ bi í pé ta ló pe àwọn ọmọ náà ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n òdodo ni ọkùnrin náà sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó jókòó, ó pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó tẹ orúkọ Isaiah síbẹ̀. Nígbà tó kù ogójì ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, ìwé náà lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Owódé. Ó bá Títílọlá ní gáréèjì, abọ́ omi lórí, ó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Nígbà tó padà dé, ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi ní gáréèjì lónìí."

"Títílọlá, dìde. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ahọ́n. Ó sọ ti ìlà tó yọ, ti ojútì tó mú kó yọ ọ́, ti ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lánàá. Ó ní tí owó bá wá, àwọn àtijọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Títílọlá ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ débẹ̀.

"Ẹ̀yin ni?" ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè mí lórí fóònù, Àǹtí. Ẹ ní kí ló dé tí mi ò ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ ní kí n gbìyànjú sí i. Mo rò pé ọwọ́ mi ni ò dáa tó. Mo rò pé Alhaja rí nǹkan kan lára iṣẹ́ mi tí wọn ò fẹ́ sọ lójú mi. Mo kó gbogbo aṣọ tí mo ti ya àwòrán sí, mo fi nu ilẹ̀."

"Ọwọ́ rẹ dáa. Alhaja ní ó dáa ju tiwọn lọ."

"Ẹ wá ń sọ ọ́ fún mi lónìí!"

Awakọ̀ kan fun fèrè, ẹnìkan ń ké pé olómi dà. Títílọlá tẹ̀ láti gbé abọ́, ó tún nàró. Ojú rẹ̀ gbẹ, kò sì wo ibòmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ká ní àwọn olówó yẹn ò ní kí ẹ ṣàlàyé, ṣé ẹ̀ bá wá sọ fún mi?"

Mùjídàt wò ó. Ó wá irọ́ kan tó lè dùn létí ọmọ náà, kò sì rí èyí tó tọ́ sí i.

"Rárá," ni ó wí. "N kì bá tí wá."

Títílọlá mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé omi rẹ̀ rù, ó sì sáré lọ bá ọkọ̀.